Ẹẹ́ta Ni, Kì í Ṣe Ẹẹ́fà

Ọdún kejì tí mo dé Zaria ni mo fi bírò pupa fa igi lórí ìdáhùn tó tọ́, tí mo sì kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ó tọ́. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé nígbà tí mo wá mọ̀, mo gbé e mì, mo sì dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìṣirò, wọ́n sì gbà mí sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Iṣẹ́ mi ni láti máa ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tí olùkọ́ àgbà bá ti kọ́ wọn tán, kí n sì máa bá a máàkì ìwé. Olùkọ́ àgbà yìí, ọmọ ìlú wa ni. Òun àti bàbá mi jọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà. Òun ló kọ lẹ́tà sílé pé àyè wà, òun ló wá pàdé mi ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, òun ló sì fún mi ní yàrá kan nínú bọ́ìsì kọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Hanwa.

Oore ni gbogbo rẹ̀. Mi ò rí ẹnì kan tó ṣe mí ní ibi nínú ilé yẹn. Ìyàwó rẹ̀, tí mo ń pè ní Mọ́mì, kì í jẹ́ kí n dáná. Abọ́ mi máa ń wà lórí tábìlì pẹ̀lú tiwọn. Mọ́tò ọkọ rẹ̀ ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, òun náà ni mo fi ń padà. Tí mo bá fẹ́ lọ ra ọṣẹ ní Sabon Gari, iwájú ilé wọn ni mo gbọ́dọ̀ gbà kọjá, wọn á sì bi mí pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Níbo nìyẹn?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, n ó sì sọ ibi tí mò ń lọ. Bàbá mi ń kọ̀wé sí mi lóṣooṣù, ìlà tó sì máa ń gbẹ̀yìn lẹ́tà rẹ̀ kò yí padà: "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Má ṣe ohun tí yóò dójú tì mí." Lórí tábìlì olùkọ́ àgbà ní ọ́fíìsì, fọ́ọ̀mù kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Mo fẹ́ lọ ṣe oyè kejì lókè òkun, òun ló sì máa kọ̀wé jẹ́rìí mi. Ó ti sọ pé tí ìdánwò bá ti parí, òun máa kọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì dá lórí bí nọ́ńbà tó tò tẹ̀léra wọn ṣe ń rìn nígbà tí kò bá lópin. Àwọn kan máa ń rìn lọ sí ojú kan ṣoṣo, ọkàn ẹni á balẹ̀. Àwọn mìíràn kì í dúró síbì kan; wọ́n á gòkè, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, títí láé. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ìbéèrè méjì là ń bi. Ibo ló ga jù lọ tí wọn kò ní yé padà sún mọ́? Ibo ló sì rẹlẹ̀ jù lọ tí wọn kò ní yé padà sún mọ́? Ti òkè là ń pè ní límù-sọ́ọ̀pù, ti ìsàlẹ̀ sì ni límù-ínfù. Tí nọ́ńbà kan bá fò ga lẹ́ẹ̀kan péré níbẹ̀rẹ̀, tí kò sì padà síbẹ̀ mọ́, a kì í kà á. Ibi tí wọ́n ń padà dé là ń wá.

Olùkọ́ àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé ìbéèrè kẹrin kalẹ̀ nínú ìdánwò ọdún yẹn. Ó da nǹkan mẹ́ta tó ń yípo pọ̀. Èkíní máa ń wà lókè ní eéjì ní gbogbo ipò tó ṣeé pín sí méjì, ipò kejì, ìkẹrin, ìkẹfà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ipò yòókù, á já wálẹ̀ sí máínọ́ọ̀sì eéjì. Ó ní ìfikún díẹ̀ lára tó ń tín-ín-rín bí a ti ń lọ, títí tí kò fi ní já mọ́ nǹkan kan mọ́. Èkejì ń yípo ní mẹ́rin mẹ́rin: ẹẹ́ta, òdo, máínọ́ọ̀sì ẹẹ́ta, òdo, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta ń yípo ní mẹ́ta mẹ́ta: máínọ́ọ̀sì ìdajì, máínọ́ọ̀sì ìdajì, lẹ́yìn náà oókan. Ní ipò kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kó sì wá sọ òkè àti ìsàlẹ̀ àpapọ̀ wọn.

Nínú ìwé ìdáhùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún mi, ó mú ibi tó ga jù nínú èkíní, eéjì. Ti èkejì, ẹẹ́ta. Ti ẹ̀kẹta, oókan. Ó rò wọ́n pọ̀, ó jẹ́ ẹẹ́fà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún ìsàlẹ̀, ó rí máínọ́ọ̀sì aárùn-ún àti ààbọ̀. Máàkì mẹ́wàá fún òkè, márùn-ún fún ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ wọn ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe tún un sọ fún wọn lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe ń máàkì. Àwọn tó kọ ẹẹ́fà, mo ń fún wọn ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ń ṣí ìwé tó kàn.

Ìwé tí mo fa igi lé lórí, ti ọmọbìnrin kan ni. Kò kọ orúkọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó máa ń fi gbogbo lẹ́tà dùbúlẹ̀ bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́ lù wọ́n. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Zaria ni wọ́n bí i sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó ti fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ yìí lọ́dún tó ṣáájú. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ni pé ẹni tó bá tún kùnà lẹ́ẹ̀kejì, kó kó ẹrù rẹ̀. Ogójì máàkì ni ẹni tó fẹ́ yege gbọ́dọ̀ ní. Nígbà tí mo ṣírò tirẹ̀, ó jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo padà sí ìbéèrè kẹrin bóyá n ó rí ibi tí mo ti lè fún un ní ọ̀kan tàbí méjì. Kò rò wọ́n pọ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ó fa ìlà méjìlá sílẹ̀, ipò kìíní dé ìkejìlá, ó sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ní ipò kọ̀ọ̀kan. Níkẹyìn ó kọ ọ́ pé òkè jẹ́ ẹẹ́ta. Mo rántí pé mo sọ ọ́ sókè nínú yàrá mi pé, "Kí ló dé tí ọmọ yìí ń fìyà jẹ ara rẹ̀ báyìí?"

Ọ̀sán Sátidé ni. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, oòrùn sì ti yọ, pánù òrùlé bọ́ìsì kọ́tà ń ta gbinrin lórí mi. Mo ní kí n fi ibi tí àṣìṣe rẹ̀ wà hàn án, kí n wá ipò kan ṣoṣo tí àpapọ̀ ti sún mọ́ ẹẹ́fà, kí n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀. Mo mú tákàdá, mo bẹ̀rẹ̀ láti ipò kìíní.

Ní ipò kẹfà mo rí ẹẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní ipò kejìlá, ẹẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́fà. Ní ìkejìdínlógún, ẹẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Bí ìfikún yẹn ti ń tín-ín-rín, ó ń padà sí ẹẹ́ta ni, kò lọ sí ẹẹ́fà. Mo ṣe é dé ipò kẹrìndínlógójì. Kò sí ìkankan tó dé ẹẹ́rin pàápàá.

Nígbà náà ni mo wo ìlà méjìlá ọmọ yẹn bó ṣe yẹ kí n ti wò ó tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo ipò tí èkíní bá ti gòkè sí eéjì, òdo ni èkejì máa ń jẹ́. Ní gbogbo ipò tí èkejì bá ti gòkè sí ẹẹ́ta, ìsàlẹ̀ ni èkíní máa ń wà, ní máínọ́ọ̀sì eéjì. Òkè àwọn méjèèjì kò lè pàdé láéláé. Ẹ̀kẹta ni kò ní wàhálà: nítorí pé mẹ́ta mẹ́ta ló ń yípo, tí àwọn yòókù ń yípo ní méjì àti mẹ́rin, láàárín ipò méjìlá ó ti bá gbogbo ìṣe wọn pàdé. Nítorí náà eéjì, òdo àti oókan ló ga jù. Ẹẹ́ta. Ní ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Máínọ́ọ̀sì eéjì àti máínọ́ọ̀sì ẹẹ́ta jọ máa ń wà pa pọ̀, ní ipò keje àti ìkọkànlá máínọ́ọ̀sì ìdajì á sì bá wọn níbẹ̀. Ìdáhùn ìsàlẹ̀ tí olùkọ́ àgbà kọ tọ́. Ti òkè ni kò tọ́.

Mo wo òkìtì ìwé tí mo ti máàkì. Ó ju ogójì lọ. Ooru yàrá náà wá dà bí ohun tí ènìyàn gbé bò mí lórí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá olùkọ́ àgbà ní pálọ̀. Ó ti bọ́ bàtà, ó ń ka ìwé ìròyìn. Mo kúnlẹ̀, mo na ìwé ọmọ náà àti tákàdá mi sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbéèrè kẹrin ni. Mo rò pé òkè rẹ̀, ẹẹ́ta ni, kì í ṣe ẹẹ́fà."

Kò bínú. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó dá a padà fún mi. "Ṣé o mọ iye ọdún tí mo ti ń kọ́ èyí?"

"Ó pẹ́, sà."

"Wo ìsàlẹ̀ tí èmi kọ. Ṣé ó tọ́ àbí kò tọ́?"

"Ó tọ́, sà."

"Ọ̀nà kan náà ni mo fi ṣe òkè. Báwo ni ọ̀nà kan ṣoṣo ṣe máa tọ́ nísàlẹ̀ tí kò ní tọ́ lókè?"

Mo ní ìdáhùn. Ó wà lẹ́nu mi. Ìwé tí gbogbo wa ń lò sọ pé òkè àpapọ̀ kò lè ju àpapọ̀ àwọn òkè lọ. "Kò lè ju" ló sọ, kò sọ pé wọ́n dọ́gba. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ti ilé ìdáná jáde pẹ̀lú àwo ìrẹsì, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí jẹun kẹ́ ẹ tó máa fi ìwé pa á." Olùkọ́ àgbà rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn rẹ̀ padà.

"Gbé máàkì wá lọ́jọ́ Ẹtì," ó ní. "Ìpàdé wà lọ́jọ́ Ajé. Bàbá tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn á ti dé. Mi ò fẹ́ ìdàrúdàpọ̀ kankan."

Mo jókòó, mo jẹ ìrẹsì náà. Ó dùn.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ibi tí mo bá yíjú sí, ilẹ̀kùn tí mo rí jẹ́ ti ẹlòmíràn. Láàárọ̀ inú mọ́tò rẹ̀ ni mo wà, ó ń kọ orin ìsìn sínú imú, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ní ọ́fíìsì, tábìlì mi wà lábẹ́ fèrèsé tó ní irin, tábìlì rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. N kò lè jáde láìgba ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀mù tí ó ní orúkọ mi lára kọjá. Mo rò ó pé kí n lọ sọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka, ará Hausa kan tó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Kí ni n ó sọ? Pé ẹni tó fún mi ní ilé àti oúnjẹ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀? Níbo ni n ó sùn lọ́jọ́ yẹn? Kí ni bàbá mi á gbọ́? Mo kọ̀wé sílé lẹ́ẹ̀mejì, mo ya méjèèjì.

Ní Ọjọ́rú, ọmọbìnrin náà pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó fi Hausa kí mi káàárọ̀.

"Àǹtí, ina kwana?"

"Lafiya. Ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni o." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìbéèrè kẹrin yẹn, Àǹtí. Wallahi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣírò rẹ̀. Kò fẹ́ dé ẹẹ́fà rárá. Mo wá gbọ́ pé ẹẹ́fà ni gbogbo wọn kọ. Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ì bá gbà mí: ìwọ lo gbà á. Mo ní, "Ní sùúrù, èsì á jáde."

"Bàbá mi ní tí mi ò bá yege, ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ní Dakace ń wá ẹni tó máa fi ẹ̀rọ tẹ ìwé. Wọ́n ti bá mi sọ̀rọ̀ síbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ń sọ. "Kì í ṣe iṣẹ́ burúkú."

"Rárá, kì í ṣe iṣẹ́ burúkú," ni mo dá a lóhùn. Mo sì yára kúrò níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo fi pẹ́ńsùlù kọ mẹ́wàá sí ibi tí òdo wà lára ìwé rẹ̀. Mo wò ó títí. Mo mọ̀ pé olùkọ́ àgbà máa ń ṣí àwọn ìwé tó sún mọ́ ogójì, pé á sì rí i. Mo fi rọ́bà pa á rẹ́. Mo gbé máàkì lọ fún un pẹ̀lú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lára rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ó fa fọ́ọ̀mù mi mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lójú mi.

Ìpàdé ọjọ́ Ajé bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó sí ìdí ògiri kí n máa gbé ìwé fún wọn. Bàbá tó wá láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn jẹ́ àgbàlagbà, ará ìlà-oòrùn ni, gíláàsì rẹ̀ nípọn gan-an. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ń sọ. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé àwọn tó wà láàárín ọgbọ̀n àti ogójì wá fún òun. Mo gbé wọn kalẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì. Ti ọmọbìnrin náà ni ìkẹta láti òkè.

Ó ka èkíní, ó ka èkejì. Nígbà tó dé orí ìkẹta, ó dáwọ́ dúró. Mo rí i tó ń fi ìka ka nǹkan lórí tábìlì, mọ́kànlá, méjìlá. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún.

"Ta ló fún ọmọ yìí ní òdo?" ó béèrè.

Olùkọ́ àgbà na ọwọ́ gba ìwé náà, ó wò ó. Ó ní, "Olùrànlọ́wọ́ mi ló máàkì rẹ̀."

Òtítọ́ ni. Kò pa irọ́. Gbogbo wọn yíjú sí mi níbi ìdí ògiri.

Ìwé ìdáhùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà nínú báàgì mi, mo ń fi ẹsẹ̀ kàn án. Tí mo bá mú un jáde, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo wo olùkọ́ àgbà, kò wò mí. N ò lè sọ pé ìfẹ́ ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe, tàbí pé ọkàn mi tóbi. Mo kàn rí i pé ibi tó ṣẹ́ kù tí mo lè gbà jáde nìyẹn láìfọ́ ògiri kankan.

"Àṣìṣe mi ni, sà," ni mo wí. "Ìdáhùn ọmọ náà tọ́."

Olórí ẹ̀ka ní, "Nígbà wo lo mọ̀ pé ó tọ́?"

Mo bi wọ́n bóyá mo lè lo pátákó. Ṣọ́ọ̀kì ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fa ìlà méjìlá bí ọmọ yẹn ṣe fà á. Mo fi ibi tí òkè èkíní wà hàn wọ́n, mo fi hàn wọ́n pé èkejì kì í sí níbẹ̀ nígbà náà. Mo ní ẹni tó bá rò ó pọ̀ láìwo ipò, á rí ẹẹ́fà tí kò sí níbì kankan. Bàbá onígíláàsì náà ń mi orí. Ó bi mí pé, "Ìsàlẹ̀ ńkọ́?" Mo ní, "Ní ti ìsàlẹ̀, wọ́n ń pàdé, sà." Nígbà tí mo yíjú padà, olùkọ́ àgbà ti mú bírò, ó ń kọ ìlà méjìlá náà sẹ́yìn ìwé tó wà níwájú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́.

Wọ́n ní kí a tún ìbéèrè kẹrin máàkì fún gbogbo wọn. Ẹni tó kọ ẹẹ́ta, kó gba mẹ́wàá rẹ̀. Ẹni tó kọ ẹẹ́fà, kó gba ìdajì nítorí pé ó mọ òkè ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọmọbìnrin náà bọ́ sí mẹ́rìnlélógójì. Àwọn méjì tí wọ́n ti yege bọ́ sísàlẹ̀ ogójì, wọ́n sì ní láti tún ìdánwò ṣe kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a kọ́ wọn ni wọ́n kọ. Ọ̀kan nínú wọn kò kí mi mọ́ títí tó fi jáde. Olórí ẹ̀ka kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún mi, ẹ̀dà rẹ̀ sì wọ fáìlì: àìfarabalẹ̀ nídìí iṣẹ́.

Mọ́tò olùkọ́ àgbà ni mo tún bá padà sílé lọ́sàn-án yẹn. Kò kọrin. Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá, wọ́n ti gbé igi dí ọ̀nà, a sì dúró. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ìwé ìdáhùn yẹn," ó ní, "ṣé ó wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, sà."

Ó na ọwọ́ láìbojú wẹ̀yìn. Mo mú un jáde nínú báàgì, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò agbádá rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin náà gùn, a sì jókòó, a ń wò ó tó ń kọjá.

"Nísàlẹ̀, wọ́n jọ máa ń wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà," ó wí. "Lókè, wọn kì í pàdé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì, kò dúpẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, mo sì gbọ́ bó ṣe sọ fún àwọn ọmọ tuntun pé, "Ẹ má kàn ro òkè mọ́ òkè. Ẹ kọ́kọ́ wo ipò." Ó ti kọ ẹ̀rí mi tán, ó fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ rere ló sì kọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará òkè òkun béèrè fún ohun tó wà nínú fáìlì mi, olórí ẹ̀ka sì ní láti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. N ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn. Mo gbé ọdún kan sí i nínú bọ́ìsì kọ́tà yẹn, mo ń jẹ oúnjẹ Mọ́mì, bàbá mi ń kọ̀wé pé kí n bá òun dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni èmi àti olùkọ́bìnrin kan jọ gba yàrá ní Dogarawa. Ọjọ́ tí mo kó ẹrù, Mọ́mì sunkún. Ọkọ rẹ̀ gbé àpótí mi sínú mọ́tò fúnra rẹ̀. Oyè kejì tí mo gbà, Zaria náà ni mo ti gbà á, pẹ̀lú olùkọ́ mìíràn.

Ọmọbìnrin náà ti wá kí mi lọ́sẹ̀ tí èsì jáde. Ó kúnlẹ̀ wọlẹ̀ pátápátá, ó ń sọ "na gode" àti "ẹ ṣé" léra wọn, ó ní àwọn kan ti sọ fún òun pé èmi ni mo dúró fún òun níwájú àwọn àgbà. Mo gbé e dìde. Mi ò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ó tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tó jáde kí n tó tún rí i, ní gáréèjì, òun ń lọ sí Kaduna níbi tó ti ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama. Ó sanra díẹ̀ sí i, ó gbé báàgì ìwé kọ́. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, à ń dúró kí ọkọ̀ rẹ̀ kún, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: òdo tí mo kọ, Sátidé tí mo mọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ti bi mí léèrè, mẹ́wàá tí mo pa rẹ́. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, kó ní ó ti kọjá.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "ní ọjọ́ yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Mo lọ sí Dakace lọ́jọ́ kejì rẹ̀, mo lọ fi ara mi hàn wọ́n. Mo tẹ lẹ́tà méjì fún wọn láti dán mi wò. Ọkàn mi ti kúrò nínú ìwé pátápátá." Ó gbé ojú sí mi. "Ẹ̀yin nìkan ni mo bi. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ fún mi."

Mo ní, "Ó yẹ."

Awakọ̀ ń pariwo pé ẹnì kan ló kù. Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi bí ó ṣe máa ń ṣe, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo dúró síbẹ̀ títí tí ọkọ̀ náà fi bọ́ sí ojú títì.